Máàkì mélòó ni ó tọ́ sí àròkọ tí a kò rí?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi kọ àròkọ nínú ìdánwò àṣedánrawò Wáẹ́ẹ̀kì ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní lẹ́tà ni òun kọ. Ìwé ìbéèrè ti sọnù, wọn kò fún wa ní ìlànà ìmáàkì, ìwé ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Nínú 50, mélòó ló yẹ kí wọ́n fún un?"

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí iye kan tí mo lè kọ síbí tí yóò jẹ́ òtítọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ọ́ fún yín, ìbáà jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ti ṣojú mi rí pé wọ́n ní kí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì láìrí ìwé wọn. N ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí 50 yẹn ti ń wá, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí a kò lè mọ̀ bí ìwé kò bá sí níwájú wa.

Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá tẹ̀lé ìlànà Wáẹ́ẹ̀kì, ọ̀nà mẹ́rin ni a pín 50 náà sí. Mẹ́wàá wà fún kókó, èyí tí í ṣe ohun tí ọmọ sọ àti bí ó ṣe bá ohun tí wọ́n bi í mu tó. Mẹ́wàá wà fún ètò, èyí tí í ṣe ìrísí lẹ́tà náà, bí a ṣe pín in sí ìpínrọ̀, àti bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí èkejì. Ogún wà fún ìlò èdè, ìyẹn bí gbólóhùn ṣe já gaara tó, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn, àti bóyá ọ̀rọ̀ tí ó lò bá ẹni tí ó ń kọ̀wé sí mu. Mẹ́wàá tí ó kù wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé, níbi tí a ti ń yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí mẹ́wàá náà yóò fi tán. Ọmọ tí ó bá ṣe ogún àṣìṣe ti pàdánù gbogbo mẹ́wàá náà, bí kókó rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Bí ẹ bá wo ìpín yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé 30 nínú 50 ni ó wà nínú gbólóhùn fúnra rẹ̀ bí ó ṣe wà lórí ìwé, kì í ṣe nínú ohun tí ọmọ ní lọ́kàn láti sọ. Ohun tí ọmọ sì máa ń rántí tí ó bá délé ni kókó. Yóò sọ fún yín pé òun sọ̀rọ̀ nípa títì tí ó bàjẹ́ àti iná tí kì í sí, òótọ́ ni ó sì ń sọ. Kò lè rántí ibi tí kò fi àmì ìdánudúró sí, kò sì lè sọ fún yín pé òun ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, nítorí pé bí ó bá mọ̀ pé kò tọ́ ni, kì bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe sípẹ́lì kò ní ohùn. Bí ọmọ bá ka gbólóhùn rẹ̀ sókè fún yín láti orí, ẹ kò lè gbọ́ lẹ́tà tí ó gbé gba iwájú èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè gbọ́ lẹ́tà ńlá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kékeré tọ́ sí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìdì ìwé ìdáhùn kíláàsì kan dàwátì lẹ́yìn ìdánwò, ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde sì ti sún mọ́lé. Àwọn aláṣẹ ní kí a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú sọ ohun tí ó kọ, kí a sì fi èyí fún un ní máàkì. Inú bí mi sí i nígbà náà, ó sì ń bí mi síbẹ̀, nítorí pé ọmọ ni a fẹ́ fi ìyà àìbìkítà àwọn àgbà jẹ. Lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ìbéèrè náà: kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìṣòro mẹ́ta tí ó ń bá àdúgbò rẹ̀ fínra, kí ó sì dábàá bí a ṣe lè yanjú wọn. Kí a tó fi èsì náà síta, wọ́n rí ìdì ìwé náà ní yàrá ìkó-nǹkan-sí, a sì máàkì wọn bí ó ti yẹ.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ó to ìṣòro mẹ́ta náà, títì, iná àti àwọn olè, ó sì sọ ojútùú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a gbọ́ ọ gbà pé kò lè gba ohun tí ó dín sí 35. Nígbà tí ìwé rẹ̀ dé, ìpínrọ̀ gígùn méjì ni ó fi sọ̀rọ̀ títì, ìpínrọ̀ kan fún iná, gbólóhùn méjì péré ni ó sì rí àyè kọ nípa olè nítorí pé àkókò ti tán. Ojútùú títì nìkan ni ó wà lórí ìwé. Márùn-ún ni a fún un nínú kókó. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó kọ, kò sì fi àkọlé sí lẹ́tà náà, nítorí náà márùn-ún ni ètò rẹ̀ gbà. Ìlò èdè rẹ̀ gba 11. A ká àṣìṣe 14, èyí tí í ṣe máàkì méje tí a yọ, ó ku mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.

Ọmọkùnrin kan sì wà tí ojú ń tì, tí kò lè sọ ju pé "mo kọ nípa omi àti ọjà" lọ. Bí a bá tẹ̀lé ohun tí ó sọ, bóyá ni a ó fún un ní 20. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó kọ ìṣòro mẹ́ta, gbólóhùn rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́. Ó gba mẹ́fà, méje, 12, àti mẹ́fà lẹ́yìn àṣìṣe mẹ́jọ: 31 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ gbé sókè ni ó wà nísàlẹ̀. Ohun tí a ń gbé lé ìwọ̀n nígbà tí a jókòó tì wọ́n ni ìgboyà láti sọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì sí nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo kà sókè.

Ní ti ìwé ìbéèrè, ẹ má ṣe rò pé mímọ̀ pé lẹ́tà ni tó. Ẹni tí a kọ ọ́ sí ni ó ń sọ ìrísí rẹ̀. Lẹ́tà sí alága ń béèrè àdírẹ́sì méjì, déètì, àkọlé àti ìkádìí àìgbẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ìbuwọ́lùwé, nígbà tí lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kò béèrè ju àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ ọ́ àti déètì lọ, tí orúkọ kan sì tó ní ìparí rẹ̀. Bákan náà, ọmọ máa ń rántí orí-ọ̀rọ̀, ó sì máa ń gbàgbé àṣẹ tí ó bá a rìn, bóyá ìṣòro méjì ni tàbí mẹ́ta, bóyá wọ́n béèrè ojútùú pẹ̀lú tàbí wọn kò béèrè. Inú àṣẹ yẹn gan-an ni máàkì kókó wà. Ṣùgbọ́n èyí ṣeé rí padà. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ béèrè ẹ̀dà kan lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà ṣaláì ní i.

Ìlànà ìmáàkì náà ṣeé béèrè, ó sì yẹ kí ẹ béèrè ohun méjì pàtó. Èkíní ni bóyá 50 ni wọ́n máàkì lé lórí ní tòótọ́, tàbí iye mìíràn tí wọ́n wá yí padà. Èkejì ni ohun tí wọ́n ṣe sí àṣìṣe kan náà tí ó wáyé léraléra. Ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń yọ máàkì fún un, mo sì mọ olùkọ́ tí ń yọ ọ́ nígbàkígbà tí ó bá rí i. Ọmọ tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà yóò pàdánù ìdajì máàkì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, yóò sì pàdánù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ìwé ìdáhùn ni kò ní àrọ́pò. Nítorí náà, ẹ lọ bá olùkọ́ náà ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìwé náà, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ jiyàn lórí máàkì. Àpapọ̀ nìkan kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó yẹ kí ó wà ní ìparí àròkọ náà, kí ẹ sì ka àwọn àṣìṣe tí wọ́n fi òbìrí yí ká. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá, márùn-ún ni ó yẹ kí wọ́n yọ nínú ìpín tí ó kẹ́yìn, àyàfi tí ìlànà wọn bá sọ ohun mìíràn. Bí ẹ bá rí àpapọ̀ kan ṣoṣo lókè ìwé tí kò sí òbìrí kankan nínú rẹ̀, ẹ ní ìdí láti béèrè pé kí wọ́n tún un máàkì.

Bí wọn kò bá gbà rárá, ẹ má ṣe ní kí ọmọ tún lẹ́tà ọjọ́ náà kọ láti orí, kí ẹ sì gbé e fún ẹnì kan bí ẹni pé òun ni àkọ́kọ́. Ó ti rò ó lẹ́yìn ìdánwò, ó ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́tà kejì yóò sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀n. Ẹ fún un ní ìbéèrè lẹ́tà mìíràn tí kò tíì rí rí, kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 50, kí ó tó ọ̀rọ̀ 450, láìsí fóònù nítòsí, kí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n sì máàkì rẹ̀ ní ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tí ó bá gbà kì í ṣe ti ìdánwò tí ó kọjá, ẹ kò sì lè fi bá ilé ẹ̀kọ́ ṣe ẹjọ́. Ohun tí yóò fi hàn yín ni irú àṣìṣe tí ọwọ́ ọmọ náà ti mọ́ láti máa ṣe, nítorí pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìwé ìdáhùn náà tàbí lẹ́tà tuntun yìí, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ìwé rẹ̀ kí ó hàn kedere, ẹ bo orúkọ ọmọ àti ti ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ ìbéèrè náà sókè rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an. N ó máàkì rẹ̀ síbí, pẹ̀lú òbìrí lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.