Atamátàsé tí àdéhùn rẹ̀ ku ọdún kan: èló ló yẹ ká san?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra atamátàsé kan, ọmọ ọdún 24. Ó gbá góòlù 14 wọlé ní sáà tó kọjá, ọdún kan ló sì kù nínú àdéhùn rẹ̀. Mílíọ̀nù 22 Yúrò ni àwọn tó ni ín ń béèrè. Ṣé kò pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ èmi ni, mílíọ̀nù 11 ni màá fi nájà, bí ẹgbẹ́ míì bá sì ń lé e, mi ò ní kọjá 14.

Ẹ kọ́kọ́ tú góòlù 14 yẹn wò. Mélòó ni pẹ́nárítì níbẹ̀? Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ra ọmọkùnrin kan torí pé ó gbá góòlù 16, àfìgbà tó dé tán la rántí pé ẹlòmíì ló ń gbá pẹ́nárítì lọ́dọ̀ tiwa. Mẹ́fà nínú 16 yẹn ni pẹ́nárítì, a sì ti fọwọ́ síwèé.

Ká ní mẹ́rin ni pẹ́nárítì tiẹ̀, ó ku 10. Iye ìṣẹ́jú tó lò lórí pápá ni kí ẹ wá fi pín in, kì í ṣe iye ìgbà tó jáde, torí ẹni tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú 80 àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹgbẹ́. Bó bá gbá ìṣẹ́jú 2,250, odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25 nìyẹn. Góòlù 10 nínú 25 jẹ́ 0.4, ìyẹn góòlù méjì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe ti ìràwọ̀. Ẹ tún wo xG rẹ̀, ìyẹn iye góòlù tó yẹ kí àwọn àǹfààní tó rí mú wá, láìka pẹ́nárítì, fún sáà méjì. Bí àwọn àǹfààní tó rí bá yẹ fún góòlù méje péré tó sì gbá 10, ẹ má retí 10 lọ́dọọdún.

Ó kan ọjà báyìí. Ẹ wá atamátàsé mẹ́ta tí wọ́n tà láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, kí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 23 sí 25, kí líìgì wọn lágbára bákan náà, kí góòlù wọn sì sún mọ́ 0.4 yẹn. Ká ní mílíọ̀nù 18, 22 àti 30 ni wọ́n ta wọ́n. Èyí tó wà láàárín ni mo máa ń mú, torí ẹyọ kan tí wọ́n rà ní ọ̀wọ́n lè ba ìṣirò jẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn tó ni ín ti rí 22 tiwọn. Àmọ́ ó ku ọdún mẹ́ta nínú àdéhùn àwọn mẹ́ta yẹn nígbà tí wọ́n tà wọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti dá ẹjọ́ Jean-Marc Bosman ní December 1995, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá parí lè lọ láìsí kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀. Ìlànà FIFA sì gbà á láyè láti bá ẹgbẹ́ míì fọwọ́ síwèé bí àdéhùn rẹ̀ bá ti ku oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń tà fún yín kò ju iṣẹ́ sáà kan lọ. Bó bá ku ọdún mẹ́ta, mo máa ń san iye ọjà pátá. Bó bá ku méjì, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Bó bá ku ọ̀kan, ìdajì. Kì í ṣe òfin, ìrírí tèmi ni. Ìdajì 22 ni 11 yẹn ti wá.

Ó máa ń yẹ̀ o. Ọdún kan ló kù nínú àdéhùn Eden Hazard ní Chelsea lọ́dún 2019, síbẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 100 Yúrò ni Real Madrid san. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀ lọ́jà kì í gbọ́ ìṣirò.

Ká ní ọmọ ọdún 29 ni, ìdiyelé á tún wálẹ̀, torí ẹ ò ní rí i tà mọ́ tí àdéhùn yín bá fi parí. Ní ti aṣọ́lé, ọdún 29 kò tíì jẹ́ àgbà, àmọ́ tòun kì í ṣe góòlù la fi ń díwọ̀n rẹ̀, irú ìṣirò òkè yìí kò sì bá a mu.

Bí wọ́n bá fárí gá, ẹ fi mílíọ̀nù 11 lọ̀ wọ́n, kí ẹ ṣèlérí méjì sí i bó bá gbá góòlù 12 láìka pẹ́nárítì. Bí wọn ò bá gbà, ẹ kíyè sí bóyá aṣojú rẹ̀ ń pè yín nígbà tí oṣù mẹ́fà bá kù.