Ìwé Ètò Ìjókòó Kò Lè Sọ Ẹni Tó Jókòó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. A fẹ́ fi fọ́tò ńlá tí a yà níbi àpèjẹ wa lẹ́yìn Ojúde Ọba 2024 sínú bùróṣọ̀. Kọmítì ti fún mi ní ìwé ètò ìjókòó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn fọ́tò náà. Ẹni mẹ́wàá ló wà nínú ìwé fún ìlà iwájú, àmọ́ mẹ́sàn-án ni mo kà. Ṣé kí n kàn to orúkọ wọn láti òsì, kí n sì fi aṣọ mọ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí àlejò? Mo ti kó gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà àti fídíò ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, akọ̀wé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to orúkọ kankan láti òsì o. Ẹ má sì fi aṣọ mọ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ìgbà tí ọdún bá ti kọjá ni irú ìbéèrè yìí máa ń dé, ohun tó sì ń bí mi nínú ni àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé àwọn á bá wọn kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò. Ìwé ètò ni wọ́n ń dà kọ, wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìwé ètò ìjókòó, ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n kọ ọ́. Ohun tí kọmítì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí a fi àga sílẹ̀ fún lè má wá, ó lè pẹ́ dé kó jókòó sẹ́yìn, ó sì lè fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà tó wọlé lójijì. Ta ló máa jókòó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àgbà á dúró? Kò sí ẹni tó máa ń padà lọ tún ìwé náà kọ lẹ́yìn àpèjẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Nọ́ńbà inú ìwé ètò lè máà jẹ́ nọ́ńbà àga rárá. Ẹlòmíì máa ń to orúkọ bí ipò ṣe tẹ̀lé ara wọn: ọba, alága ọjọ́, olóyè, títí lọ. Ní orí ìjókòó, àárín ni ẹni tó ga jù ń gbé, àwọn tó kù á pín sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Bí ẹ bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti òsì, gbogbo orúkọ ló máa ṣì. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti wò ó: kábíyèsí ni ẹni kẹfà nínú ìwé yín, nítorí náà àga ni wọ́n fi to orúkọ, òsì ẹni tó ń wo fọ́tò ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gba ìyẹn gbọ́, ẹ wo lẹ́tà ara bánà tó wà lẹ́yìn wọn. Bí a bá yí fọ́tò po níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, lẹ́tà á dojú kọ ẹ̀yìn. Ti fọ́tò yín tọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹni mẹ́wàá àti ẹni mẹ́sàn-án. Ẹ wá ẹnì kan tí kò nílò ìwé kí a tó mọ̀ ọ́n. Kábíyèsí ni, pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yín tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹni karùn-ún láti òsì nínú fọ́tò, àmọ́ ìwé sọ pé ẹni kẹfà ni. Ẹni tí kò wá wà nínú àwọn márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ nìyẹn. Lápá ọ̀tún rẹ̀, mẹ́rin ló wà nínú ìwé, mẹ́rin ló wà lórí àga. Ìwé ní ìyá kan ló wà lórí àga kẹjọ, obìnrin kan ṣoṣo tó sì wé gèlè lápá ọ̀tún ni ẹni keje nínú fọ́tò. Ó bá a mu, nítorí pé gbogbo wọn ti sún sí òsì pẹ̀lú àga kan. Àmọ́ kí iye bá ara mu kò tíì sọ pé orúkọ bá ojú mu. Àwọn mẹ́rin yẹn ṣì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dá wọn mọ̀.

Lápá òsì, ìwé ní ọkùnrin, obìnrin, ọkùnrin mẹ́ta. Fọ́tò ní ọkùnrin, obìnrin, ọkùnrin méjì. Ẹni tí kò sí lórí àga wà láàárín ẹni kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún inú ìwé. Ibi yìí gan-an ni ẹ ti fẹ́ lo aṣọ. Ìwé sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni kẹta àti ìkarùn-ún, àlejò láti Ṣágámù sì ni ìkẹrin. Ọkùnrin méjèèjì inú fọ́tò wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó ti yé wa: àlejò ni kò wá. Ẹ ò bá ti kọ orúkọ ẹni karùn-ún sábẹ́ ọkùnrin kẹrin.

Mo lọ wo àwọn fọ́tò yòókù. Ọkùnrin kẹrin ní gíláàsì aláwọ̀ dúdú lójú, ó so aago onírin mọ́ ọwọ́ òsì, iṣẹ́ tí télọ̀ ṣe sí ọrùn bùbá rẹ̀ sì jẹ́ ìlà méjì tó lọ tààrà sísàlẹ̀, nígbà tí ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó yí i ká jẹ́ òdòdó róbótó. Mo fi nǹkan mẹ́ta yìí tẹ̀lé e láti fọ́tò kan sí òmíràn títí mo fi rí ibi tó ti di máìkì mú. Mo wá ṣí fídíò ní àkókò yẹn, mo gbọ́ bí olótùú ètò ṣe pè é. Àlejò láti Ṣágámù ni! Ẹgbẹ́ yín ló fún un láṣọ, ó sì gbé e fún télọ̀ tirẹ̀, ìdí nìyí tí ọrùn bùbá fi yàtọ̀. Ẹni karùn-ún inú ìwé, ọmọ ẹgbẹ́ yín, ni kò wá. Ẹ bi í fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ẹ rí ibi tí aṣọ ti wúlò? Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, aṣọ, fìlà, bàtà, aago àti iṣẹ́ ọrùn lè bá yín tẹ̀lé ènìyàn kan náà láti fọ́tò sí fọ́tò, títí ẹ ó fi débi tí ẹnìkan ti dárúkọ rẹ̀. Aṣọ kò lè dárúkọ. Aṣọ ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ lè sọ ọmọ ẹgbẹ́, torí pé ìyàwó, ọkọ, àna àti ọ̀rẹ́ ló ń rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kó iyùn sọ́rùn lọ́jọ́ ọdún ló joyè. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní Ọ̀túnbà nítorí ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kọmítì kọ sábẹ́ fọ́tò ńkọ́? Mo ka tiyín. Ọ̀rọ̀ kan náà, orúkọ mẹ́wàá kan náà, ló wà lábẹ́ fọ́tò tó ní ènìyàn mẹ́sàn-án, èyí tó ní mẹ́fà, àti èyí tó jẹ́ ẹṣin nìkan. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mo lè gbà níbẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ gbọ̀ngán. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pàápàá kò tọ́: wọ́n kọ 16 Oṣù Kẹfà 2024. Ọjọ́ Iléyá gan-an nìyẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, 18 Oṣù Kẹfà ló sì bọ́ sí lọ́dún náà.

Ní ti àwọn tó dúró sẹ́yìn, tí ìwé kankan kò ní orúkọ wọn, ẹ tẹ fọ́tò náà jáde ní títóbi. Ẹ gbé bébà tó mọ́ gaara lé e, ẹ fa ìlà yí orí kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ fi nọ́ńbà sí inú rẹ̀, ìlà iwájú kọ́kọ́. Ẹ wá gbé e tọ àwọn tó wà níbẹ̀ lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe níbi ìpàdé. Ẹ má fi ìwé ètò hàn wọ́n. Ẹ má sì bi wọ́n pé “Ṣé Bọ̀dá Lágbájá kọ́ nìyí?” Bí ẹ bá dárúkọ fún àgbà, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni nítorí kò fẹ́ já yín kulẹ̀. Ẹ kàn bèèrè pé, “Ta ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún?” kí ẹ dákẹ́. Bí ẹni méjì tí kò gbọ́ ti ara wọn bá dárúkọ kan náà, ẹ kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan péré, ẹ fi ààmì ìbéèrè sí i. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ kọ “a kò tíì dá a mọ̀”. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Orúkọ ẹlòmíì lábẹ́ ojú ènìyàn ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí.

Oyè nílò ìṣọ́ra. Ẹ kọ oyè tí ẹni náà ń jẹ lọ́jọ́ tí a ya fọ́tò, kí ẹ sì so orúkọ mọ́ ọn. Ẹni tó bá kọ “Awùjalẹ̀” lásán sábẹ́ fọ́tò ọdún 2024 ti ṣe iṣẹ́ ìdajì: Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní 13 Oṣù Keje 2025, ẹni tó bá sì ka bùróṣọ̀ yín lẹ́yìnwá ọ̀la lè máà mọ ẹni tí ẹ ní lọ́kàn. Bí àríyànjiyàn bá wà lórí oyè kan, orúkọ nìkan ni kí ẹ kọ. Mo ti rí i tí wọ́n gbé irú bùróṣọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ pé òun ni ẹ̀rí. Èmi kì í ṣe lọ́yà o; bí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní kóòtù, lọ́yà ẹgbẹ́ ni kí ẹ bi. Ẹ má kọ orúkọ ọmọdé láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi orúkọ náà sínú fáìlì fọ́tò fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí bébà nìkan, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó dá wọn mọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ kún un. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí onítẹ̀wé lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, torí ó máa fún un pọ̀, ó sì máa nu ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà dànù. Ibi tí wọ́n kọ Document sí ni kí ẹ ti fi ránṣẹ́. Àwọn mẹ́rin apá ọ̀tún kábíyèsí ló kù tí ẹ kò tíì bi ẹnikẹ́ni nípa wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó wé gèlè yẹn. Òun fúnra rẹ̀ máa mọ ẹni tó jókòó tì í.