Imú dídí àti ojú ríro: ọ̀fìnkìn ni àbí sáínọ́sì?

«Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ 12 rè é tí imú mi ti dí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí, ikun yẹ́lò tó ki ló ń jáde. Ṣé ọ̀fìnkìn lásán ni àbí sáínọ́sì? Mo ń borí mọ́ omi gbígbóná, ẹnì kan tún ní kí n fi omi iyọ̀ fọ imú.»

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti ń bá èmi náà fínra, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ fi ti àwọ̀ ikun yẹn sílẹ̀ ná, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé tó bá ti di yẹ́lò tàbí gíríìnì, bakitéríà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀fìnkìn lásán náà máa ń pa ikun láwọ̀ dà. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà. Ọ̀fìnkìn máa ń le jù láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn ẹ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá fi máa tó ọjọ́ 10 ó yẹ kára ti fúyẹ́ dáadáa, kódà bí ikọ́ ṣì wà níbẹ̀. Tó bá kọjá ọjọ́ 10 tí kò rọ̀ rárá, tàbí tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé le padà, ìgbà yẹn la máa ń fura sí sáínọ́sì, ìyẹn kí inú àwọn ihò tó wà nínú egungun ojú wú.

Èyí tó ṣe mí gbẹ̀yìn, ó ti ń lọ ni o, mo ti ń sùn dáadáa, àfi bí ibà ṣe tún dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ló ń ro mí, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà ìrora yẹn á le sí i, eyín òkè lápá ibẹ̀ náà á máa ro, torí gbòǹgbò eyín òkè sún mọ́ ihò tó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò tíì fún mi ní àńtíbáótíìkì, ó ní ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ fúnra ẹ̀, kí n máa fọ imú kí n sì padà wá tí kò bá rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́. Tiyín tó ti kọjá ọjọ́ 10 yìí, tí kò bá tíì máa fúyẹ́, ẹ lọ fi han dókítà.

Ooru omi gbígbóná yẹn, ó máa ń tuni lára fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kì í fọ nǹkan kan jáde, omi tó ń hó sì ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lára, pàápàá ọmọdé. Ẹ kúkú jókòó sí balùwẹ̀ kẹ́ ẹ tan omi gbígbóná, ó tó.

Omi iyọ̀ lèmi gbà gbọ́ jù. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ tààrà o, mo bẹ̀ yín. Amíbà kan wà tó lè wà nínú omi, tẹ́ ẹ bá mu ún kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá gba imú wọlé ó lè dé ọpọlọ, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà yè é. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kó tutù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tí kò ní ayodíìnì nínú mílílítà 240 omi, ẹ fi bàkìn sódà díẹ̀ gan-an sí i kó má ta yín. Tí iyọ̀ bá kéré jù, á ta yín bí ìgbà tí omi odò bá wọ èèyàn nímú, tó bá pọ̀ jù náà á ta yín.

Ẹ bu omi iyọ̀ náà sínú ike ìfọmú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí báṣíìnì, ẹ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ la ẹnu kẹ́ ẹ máa fi ẹnu mí, ẹ wá rọra tẹ ike náà sí ihò imú tó wà lókè, omi á gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Tí kò bá kọjá, ẹ má fipá tì í, ẹ gbìyànjú apá kejì. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ fun imú jẹ́jẹ́, ihò kan lẹ́ẹ̀kan, torí tẹ́ ẹ bá di méjèèjì pọ̀ tẹ́ ẹ fun ún kíkankíkan, omi á lọ sínú etí. Ẹ fọ ike yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Àmọ́ tí ìpéǹpéjú bá wú, tẹ́ ẹ bá ń rí nǹkan kan ní méjì-méjì, tí ọrùn bá gan tàbí tí orí fífọ́ bá le kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbogbo ìfọmú sílẹ̀ kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.