Kí ni epokẹ́?

"Ẹ jọ̀wọ́, mo kà á pé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ kan máa ń ṣe epokẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí? Ṣé kí èèyàn má gba ohunkóhun gbọ́ ni?"

Rárá o. Ìdádúró ni epokẹ́ túmọ̀ sí ní èdè wọn, ìdájọ́ ni wọ́n sì ń dá dúró. Ẹni tó ṣe epokẹ́ kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ní kò sí òótọ́ kankan láyé ti dájọ́ tirẹ̀, ìyẹn ti kúrò nínú epokẹ́.

Orúkọ Pírò, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Élísì nílẹ̀ Gíríìsì, tó bá ọba Alẹkisáńdà Ńlá dé ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe epokẹ́. Ṣùgbọ́n oníṣègùn kan, Sẹ́kísítọ́ọ̀sì Ẹmpíríkọ́ọ̀sì, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn ikú Pírò, ni ìwé rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún wa jù. Ó ní bí àwọn èèyàn bá ń wá nǹkan, ọ̀kan á ní òun ti rí i, èkejì á ní kò ṣeé rí, ẹnì kẹta á ṣì máa wá a. Ẹnì kẹta yìí ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú oyin, tí òun fúnra rẹ̀ lò. Lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ le, oyin dùn. Lẹ́nu ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, ó ní ó korò. Nínú oyin fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé adùn ló wà níbẹ̀ àbí ìkorò? Ẹ lè ní ti ẹni tí ara rẹ̀ le la ó gbà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ara rẹ̀ le ni, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ro ẹjọ́. Bí a bá wá ẹlòmíì láti dá a, a ó bi í pé kí ló fi mọ̀. Bó bá mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí yẹn náà ń fẹ́ ẹ̀rí. Bí ìhà méjèèjì bá wúwo bákan náà lórí òṣùwọ̀n, ọkàn kò rí ibi tẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti dúró.

Àwa náà ní àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n tiwa, bí a bá ti gbọ́ ti ẹnì kejì tán, a ó dá a. Tiwọn, ìgbà tí wọ́n gbọ́ ti ẹnì kejì tán gan-an ni wọn kò rí i dá mọ́.

Síbẹ̀, ẹni tó ṣe epokẹ́ kò sẹ́ pé oyin dùn lẹ́nu òun. Bí ebi bá pa á, á jẹun. Á tẹ̀ lé àṣà ìlú rẹ̀, á sì ṣe iṣẹ́ tó kọ́. Àwọn kan pìtàn pé Pírò kì í yẹra fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin tàbí etí ọ̀gbun, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbà á là. Èmi kò gbà á, torí ìtàn kan náà ló ní ó pé nǹkan bí 90 ọdún.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ wá ńkọ́? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà nìyí. Apẹ́lẹ́ẹ̀sì, ayàwòrán, ń ya ẹṣin, ó sì fẹ́ ya ìfófòó ẹnu rẹ̀. Ó yà á títí, kò rí i yà. Ó sú u, ló bá sọ kànìnkànìn tó fi ń nu ọ̀dà lára búrọ́ọ̀ṣì mọ́ àwòrán náà. Ibi tí kànìnkànìn bà gan-an ló wá dà bí ìfófòó. Sẹ́kísítọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn: àwọn fẹ́ rí òótọ́ kí ọkàn àwọn lè balẹ̀, àwọn kò rí i dá, àwọn dá ìdájọ́ dúró, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì tẹ̀ lé e bí òjìji ṣe ń tẹ̀ lé ara. Èyí ni wọ́n ń pè ní ataráksíà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi epokẹ́ ṣe oògùn oorun ti gbé e gba ibi tí wọn kò gbé e gbà.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí sì níbi tó mọ. Òtútù á mú wọn, òùngbẹ á gbẹ wọ́n, Sẹ́kísítọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ohun tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù kejì, ìyẹn èrò pé ohun tó ń ṣe mí yìí burú látilẹ̀wá. Ó fi iṣẹ́ abẹ ṣàpẹẹrẹ, nígbà tí kò tíì sí oògùn ìpàmọ̀lára bíi tòní: ẹni tí wọ́n ń là lára lè fara dà á, kí ẹni tó dúró tì í tó ń wò ó sì dákú.