Ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò: ẹ̀yà ara kan lójúmọ́

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́. Kétu ni mo wà báyìí nílé àwọn òbí mi, ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ méjì. Anatomí, biyoṣimí àti patolojí ló wà nílẹ̀. Mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí n fi ọjọ́ méjì tó kù sinmi. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Àbúrò, má pín in bẹ́ẹ̀ o. Bí o bá parí anatomí lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ mẹ́wàá ni o kò ní fojú kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń tètè sá kúrò lórí jù, torí orúkọ àti ipò ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀yà ara ni kí o fi pín ọjọ́ rẹ, kí ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 1 sí 10 ni ti kíkà: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú òróòro, kídìnrín, ikùn pẹ̀lú ìfun, ẹ̀jẹ̀, apá pẹ̀lú ẹsẹ̀, orí pẹ̀lú ọrùn, ọpọlọ, lẹ́yìn náà ẹ̀yà ìbímọ. Biyoṣimí tó bá ẹ̀yà náà mu ni kí o so mọ́ ọn: kọlẹstẹróòlù lọ́jọ́ ọkàn, bí iṣan ṣe ń lo ṣúgà lọ́jọ́ apá àti ẹsẹ̀. Wákàtí méjì fún anatomí láàárọ̀, wákàtí kan ààbọ̀ fún biyoṣimí, wákàtí méjì ààbọ̀ fún patolojí. Patolojí ló gbẹ̀yìn, torí kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣàlàyé àrùn tí o kò mọ ibi tó jókòó sí.

Jẹ́ ká mú ọjọ́ kẹta, ọjọ́ ẹ̀dọ̀, kí o rí i. Láàárọ̀, ya ọ̀nà òróòro sórí ìwé òfìfo. Ọ̀nà méjì jáde láti apá ọ̀tún àti apá òsì ẹ̀dọ̀, wọ́n dà pọ̀, ti àpò òróòro wá bá wọn, gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà ńlá kan tó gba ẹ̀yìn orí pankíríásì kọjá, tó sì já sí apá kejì duodẹ́nọ́mù.

Lẹ́yìn náà, tẹ̀ lé bilirubíìnì. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó gbó ló ti ń wá. Kò lè yòrò nínú omi, nítorí náà albumíìnì ló ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ so ó mọ́ asíìdì glukuróníìkì, ó wá ń yòrò, ó bá òróòro wọnú ìfun, ibẹ̀ ló sì ti ń fún ìgbẹ́ láwọ̀.

Nígbà tí patolojí bá dé, o kò ní há ibà pọ́njú sórí mọ́. Bí òkúta bá dí ọ̀nà ńlá yẹn, bilirubíìnì tó ti ń yòrò padà sínú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín tọ̀ ọ́ dànù: ìtọ̀ dúdú, ìgbẹ́ funfun. Ṣùgbọ́n bí òkúta náà bá wà nínú àpò òróòro nìkan, ojú kì í sábà pọ́n. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ló ń fọ́. Bilirubíìnì tí albumíìnì dì mú kò lè gba kídìnrín kọjá, nítorí náà kì í bá ìtọ̀ jáde: ojú pọ́n, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kò funfun. Wàyí o, bí ìgbẹ́ ẹni yìí kan náà bá ṣàdédé funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ronú sí òkúta: sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ lójoojúmọ́ máa ń jẹ́ kí òkúta bilirubíìnì dì nínú òróòro. Irú ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ràn láti bi ni nìyẹn, kò sì sí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dáhùn rẹ̀.

Kí o tó ṣí ìwé láàárọ̀, fi wákàtí kan ya ti àná, ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn àti ti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn láti orí. Ìwé gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Ẹni tó ń wo àwòrán yà á máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìwé bá wà ní pípadé ni yóò rí ibi tó ti já. Ibi tó já yẹn ni kí o kọ sínú ìwé àṣìṣe, kì í ṣe gbogbo orí ẹ̀kọ́ náà. Fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni kí o fi kọ orúkọ sára àwòrán, torí òun ni wàá fi dáhùn.

Ọjọ́ 11 sí 13, ìbéèrè àtijọ́ ni, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàrú mọ́ra. Ọjọ́ 14, ìwé àṣìṣe nìkan. Má ṣí nǹkan tuntun.

Bí ọjọ́ kan bá bọ́, bóyá iná lọ tàbí ara rẹ kò yá, má ti gbogbo rẹ̀ síwájú. Dín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e kù: mú àwòrán kan àti àrùn méjì péré nínú ẹ̀yà tó bọ́, kí o pín wọn sí i. Ọjọ́ ìbéèrè ni kí o má fọwọ́ kàn.