Àtùpà igbá fínfín tó ń lọ sí Amẹ́ríkà: pílọ́ọ̀gì, ínṣì àti orúkọ ọjà

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀yọ́ ni mo wà. Àtùpà orí tábìlì tí a fi igbá fínfín ṣe ni mo ń tà, mo sì ń ta sálúbàtà aláwọ mọ́ ọn. Ẹnì kan láti Amẹ́ríkà ń bi mí bóyá àtùpà náà á ṣiṣẹ́ nílé òun, ó tún ní òun ò mọ bó ṣe tóbi tó. Ṣé kí n kàn fi adápítọ̀ sí i ni? Báwo ni kí n ṣe kọ ìpolówó rẹ̀?"

Ẹ má fi adápítọ̀ sí i o. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì nìkan ni adápítọ̀ ń yí padà, kì í fọwọ́ kan iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Iná tiwa níbí, fólítì 230 ni. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, 120 ni. Gílóòbù tí ẹ rà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n kọ 220–240V sí lára, bó bá dé ọ̀hún, bàìbàì ni yóò máa tàn, ó sì lè má tàn rárá. Oníbàárà á ní ọjà tó bàjẹ́ lẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì rí gílóòbù 120V rà, tí ẹ wá kì í bọ iná ilé yín láti dán an wò, á jó lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, ara àtùpà lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó kan ìpolówó. Ohun mẹ́ta lẹ ó wò lára rẹ̀: pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀, ilé gílóòbù, àti gílóòbù fúnra rẹ̀.

Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò níbí, Type G ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni wọ́n ń lò nílùú ọba. Ti Amẹ́ríkà, Type A ni fún àtùpà orí tábìlì: ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ìdí wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó fẹ̀ yẹn ni ti níútírà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni láìfù. Wáyà tó bá a wá kì í ní àwọ̀ búráùn àti búlúù bíi tiwa, wáyà méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn tí àwọ̀ wọn dọ́gba ni. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan á máa dán, ẹ̀gbẹ́ kejì á ní ilà tín-ín-rín gbọọrọ lára. Èyí tó ní ilà ni níútírà.

Wáyà onílà yìí ni kí ẹ dè mọ́ sìkúrù funfun lára ilé gílóòbù, nítorí sìkúrù funfun ló so mọ́ ògiri tí gílóòbù ń lọ́ wọ inú rẹ̀. Èyí tó ń dán ni kí ẹ dè mọ́ sìkúrù tó pọ́n bí idẹ, ìyẹn ló so mọ́ ahọ́n kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, àtùpà á ṣì tàn dáadáa, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí kì í fi í hàn. Ògiri ilé gílóòbù ni iná á wà, ẹni tó bá fẹ́ yí gílóòbù tí ìka rẹ̀ kan etí rẹ̀, iná á gbé e.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìfi iná sí i rárá. Ẹ yọ gílóòbù kúrò, ẹ gbé mítà tí àwọn oníná ń lò sórí ibi tó ti máa ń dún bí wáyà bá so mọ́ra. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà kan mú ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì tó fẹ̀, ẹ fi ẹnu kejì kan ògiri ilé gílóòbù: ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wá lọ sí ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ahọ́n ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì àtùpà ní títàn: ó gbọ́dọ̀ dún. Bí ẹsẹ̀ tó fẹ̀ bá dún pẹ̀lú ahọ́n, ẹ tú u, ẹ tún un dè.

Ilé gílóòbù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Níbí, a ní B22, èyí tí a ń tì wọlé tí a wá ń yí díẹ̀ kí etí rẹ̀ méjèèjì lè há. A tún ní E27, èyí tí a ń lọ́ wọlé bí ọmọrí ìgò. Ti Amẹ́ríkà ni E26. Nọ́ńbà yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà ni. Mìlímítà kan ló wà láàrin E26 àti E27, nítorí náà gílóòbù ọ̀kan sábà máa ń wọ inú èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà, torí pé wíwọlé rẹ̀ kò sọ pé fólítì wọn bára mu. Kí ẹ kọ E26 àti 120V pọ̀, kí ẹ má fi gílóòbù kankan ránṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé irú LED tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ni kí wọ́n lò. Igbá gbígbẹ ni èyí, gílóòbù ayé àtijọ́ tó ń gbóná lè mú kó dúdú láti inú.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ẹ lè ra wáyà àti ilé gílóòbù tó ní àmì UL lára, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ohun èlò iná wò ní Amẹ́ríkà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìpolówó pé UL ti fọwọ́ sí àtùpà yín. Wáyà ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò tíì rí odindi àtùpà yín.

Bí àtùpà méjì mẹ́ta péré lẹ ń tà lóṣù, tèmi ni pé kí ẹ ta igbá náà láìní wáyà, kí oníbàárà ra èlò iná rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ kàn dá ihò sí ìdí igbá ni. Páìpù kékeré onílọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń de ilé gílóòbù ní Amẹ́ríkà fẹ̀ díẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ, ti Yúróòpù jẹ́ 10 gééré. Bí ẹ bá fi dírílì 10 lu ú, ti Amẹ́ríkà kò ní wọlé, wọ́n á fipá tì í, igbá á sán. Ẹ lu ú ní 11, méjèèjì á wọ̀ ọ́.

Ó wá kan ìwọ̀n. Nínú ọjà, tépù aránṣọ la fi ń wọn àyíká igbá. Bí ẹ bá kọ 88 cm sínú ìpolówó, oníbàárà á rò pé láti etí kan dé èkejì ni, á wá rò pé àtùpà náà gba gbogbo tábìlì. Ẹ pín àyíká sí ọ̀nà 3.14. 88 á di 28, ìyẹn ni ìbú rẹ̀. Ẹ tún pín 28 sí ọ̀nà 2.54, ẹ ó rí ínṣì 11. Gíga rẹ̀, ká ní 32 cm ni, ínṣì 12.6 ni. Ṣùgbọ́n rúlà wọn kò pín ínṣì sí mẹ́wàá, ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún ni, nítorí náà ẹ kọ 12 5/8. Ẹ má lo àmì kékeré orí nọ́ńbà: méjì dúró fún ínṣì, ẹyọ kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà, bí ọ̀kan bá já bọ́, àtùpà yín ti ga ju òrùlé lọ. Lẹ́tà "in" ni kí ẹ kọ.

Bí ojú ìpolówó yẹn ṣe máa rí nìyí:

```
Carved gourd table lamp, handmade in Oyo, Nigeria
Height 12 5/8 in (32 cm), diameter 11 in (28 cm)
Weight 2 lb 10 oz (1.2 kg), unboxed
120 V, 60 Hz, US plug (Type A)
Bulb: E26, LED only, max 7 W, not included
```

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú. "Calabash" la máa ń kọ níbí, ṣùgbọ́n "gourd" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n á tẹ̀ bí wọ́n bá ń wá a. Ẹ fi "calabash" sínú àlàyé nísàlẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún. Àwọ̀ náà ní tirẹ̀: "wine" tiwa, "burgundy" ni kí ẹ kọ, "ash" tiwa, "gray" ni.

Ìwọ̀n àtùpà àti ìwọ̀n páálí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Igbá fúyẹ́, páálí rẹ̀ ló tóbi. Páálí tó gùn ní 40, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 45 cm, ọ̀pọ̀ akérù ọkọ̀ òfurufú á fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 5000, wọ́n á gba owó kílò 14.4, bí kò tiẹ̀ tó kílò mẹ́ta lórí ìwọ̀n. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣírò owó ìfiránṣẹ́.

Fún ìlú ọba, pílọ́ọ̀gì wa náà ló ń lọ, fólítì wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ kàn ṣí i, kí ẹ yọ fíúùsì 13A tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi 3A sí i, torí wáyà àtùpà tẹ́ẹ́rẹ́. Jámánì ń lo pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì àti E27. Lọ́dọ̀ wọn, kọmá ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí a fi àmì ìdánudúró ṣe láàárín nọ́ńbà: 28,5 cm. Bí ẹ bá kọ 1.200 kg fún wọn, ẹgbẹ̀fà kílò ni wọ́n lè kà á sí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìpolówó tirẹ̀. Àkọlé tó sọ pé àtùpà kan ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo máa ń mú ọjà padà wá.

Ti sálúbàtà kò le tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣini lọ́nà: "slippers" lọ́hùn-ún, bàtà rírọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé ni. "Leather slides" ni kí ẹ kọ. Nọ́ńbà 42 tiwa súnmọ́ 8 ti ìlú ọba, 9 fún ọkùnrin Amẹ́ríkà, àti 10½ fún obìnrin wọn, àmọ́ àtẹ yìí máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàtà kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi gìgísẹ̀ ti ògiri lórí pépà, kó sàmì síbi tí ọmọ ìka tó gùn jù dé, kó fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹsẹ̀ 26.5 cm ni 42 sábà máa ń gbà, ìyẹn 10 7/16 in. Ẹ wọn inú bàtà yín, kó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ju ẹsẹ̀ náà lọ.

Fọ́tò ló kù. Bí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá ṣì wà nínú fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń sọ pé ti Amẹ́ríkà ni, fọ́tò ni oníbàárà á gbà gbọ́. Ẹ tún un yà pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tuntun nítòsí igbá, kí ẹsẹ̀ tó fẹ̀ hàn. Ẹ ya ọ̀kan sí i kí ẹ tó lẹ páálí pa, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọjà náà.