Ọmọ ní kí a má fi owó ránṣẹ́ sí Màmá mọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, ń kọ́ fìlọ́sọ́fì nílé ìwé ní London níbí. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yutilitéríánísíìmù, tó ní ohun tó bá mú ire tó pọ̀ jù wá fún gbogbo èèyàn ló tọ́, owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé, àwọn tí ebi fẹ́ pa ló yẹ kó lọ bá. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe dá a lóhùn bí mo ṣe dá ọmọ tèmi lóhùn. Mo ní, "Torí o ò mọ ìyá àgbà rẹ lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí i rí. Àmọ́ ta ni kò mú un lọ sílé?

Ẹ̀yà méjì ni ẹ̀kọ́ náà ní. Ọ̀kan ń wo ìṣe kọ̀ọ̀kan, èkejì ń wo òfin. Ti ìṣe ni ọmọ yín dì mú. Ká ní pọ́n-ùn 2,400 ló ń wọlé fún yín lóṣù. Ẹ mú pọ́n-ùn kan: ọ̀dọ̀ Màmá tó ti yó ni, àbí ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò rí jẹ? Ẹ mú òmíràn, ìbéèrè kan náà ni. Ẹ ò ní dúró títí pọ́n-ùn tó kàn á fi dùn yín tó bó ṣe máa ran ẹni tó gbà á lọ́wọ́. Ní 1972, Peter Singer, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, ní bí ọmọdé bá ń rì nínú adágún, ẹ máa wọ ẹrọ̀fọ̀ lọ gbé e, bí aṣọ yín tilẹ̀ bàjẹ́. Pé ọmọ náà jìnnà sí yín ò yí i padà. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ní ẹ̀kọ́ náà béèrè ju agbára èèyàn lásán lọ.

Ẹni tó di òfin mú kì í bi pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan léèrè. Ó ń béèrè pé, bí a bá fi òfin yìí tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà, ṣé ire á pọ̀ ju ti òfin mìíràn lọ? Brad Hooker, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì kan tó di òfin mú, ka ìnira kíkọ́ òfin náà mọ́ ìṣirò. Láti kọ́ ọmọ kó fẹ́ràn àjèjì bí ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni, ó sì lè tú ìfẹ́ ilé ká. Nítorí náà òfin á gba ti Màmá láyè, á sì ní kí ẹni tó rí jẹ yọ ìwọ̀n kan sọ́tọ̀ fún aláìní. Ká pè é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá: pọ́n-ùn 240.

Ibí ni ọmọ tó gbọ́n á ti mú yín. Ọmọ méjì ń rì, ẹ̀yin méjì lẹ dúró létí omi. Òfin ní kí kálukú gbé ọ̀kan, ẹnì kejì sì káwọ́ gbera. Ṣé ẹ máa gbé ọ̀kan, kí ẹ máa lọ sílé? Pọ́n-ùn 240 yẹn tó bí gbogbo ẹni tó rí jẹ bá san tiwọn; wọn ò san. Bí ẹ bá sì fi kún òfin pé "àfi bí ṣíṣe jù bẹ́ẹ̀ bá máa mú ire wá", ẹ ti padà sí ti ìṣe nìyẹn. Hooker ní kí a dènà àjálù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ ti yọ̀ǹda láyé yín ló ń kà pọ̀, kì í ṣe ti òní nìkan. Ní tèmi, ibẹ̀ ló dáa jù, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó.

Ẹ bi í nípa ọmọ kejì tó ń rì yẹn, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Tèmi ti pé ọdún 19. Kò tíì tún dárúkọ Màmá fún mi.